Bí a ṣe ń ya àtẹ ọjọ́ àìsàn, àti bí a ṣe ń kà á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń bá àwọn ará àdúgbò wa jà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi sì ní kí n ya àtẹ tó ń fi ọjọ́ tí ó mú oníkálukú hàn. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ mi. Báwo ni n ó ṣe yà á, kí ni n ó sì wò lára rẹ̀ kí n tó mọ̀ bóyá ibì kan ni gbogbo wọn ti kó o, tàbí ńṣe ni wọ́n ń kó o ran ara wọn?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ yẹ ìwé orúkọ yẹn wò, kí ẹ rí i dájú pé ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára oníkálukú ni ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run lóru ọjọ́ Àbámẹ́ta lè má dé ilé ìwòsàn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá fi ọjọ́ tí àwọn ènìyàn dé ya àtẹ, ọ̀pá ọjọ́ Ajé yóò ga gọgọrọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó fà á kò ju pé wọn kò rí ẹni tọ́jú wọn ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ padà lọ bi wọ́n pé, "Ìgbà wo gan-an ni ẹ kọ́kọ́ yàgbẹ́ olómi?"

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ bébà fún ọjọ́, àti òmíràn lóòró fún iye aláìsàn. Ẹ ya àpótí kékeré kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to àwọn tí àìsàn mú ní ọjọ́ kan náà léra wọn kí wọ́n di ọ̀pá kan. Ọjọ́ tí kò mú ẹnikẹ́ni, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣe fò ó.

Ìbú ọ̀pá, ìyẹn iye àkókò tí ọ̀pá kan dúró fún, ni ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Àrùn kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí ó fi ń lúgọ sára kí ó tó fara hàn: ti onígbáméjì jẹ́ láti wákàtí díẹ̀ títí dé nǹkan bí ọjọ́ 5, ti èéyi sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kí ibà tó dé. Ọ̀pá kan kò gbọdọ̀ gba ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkókò yìí lọ. Fún irú àìsàn tí ẹ sọ, ọjọ́ kan tàbí ààbọ̀ ọjọ́ ni kí ẹ lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí lára onígbáméjì tó jà ní agbègbè Broad Street ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, nítorí pé Dókítà John Snow kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn àti ọjọ́ ikú àwọn tí àrùn náà pa sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn tó kú náà, ènìyàn 56 ni àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́sítì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, iye wọn di 143. Ní ọjọ́ kejì, 116. Lẹ́yìn náà ni ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: 54, 46, 36, 20, 28, 12. Bí a bá ya èyí, òkè kan ṣoṣo ni a ó rí, tí ó gùn sókè lójijì, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí a ṣe ń dá àrùn orísun kan mọ̀ nìyẹn: ọ̀pọ̀ ènìyàn kó o láti ibì kan náà láàárín àkókò kúkúrú, ara oníkálukú sì gbà á pẹ́ tàbí yá. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ṣe ìbú ọ̀pá ni, ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó gba 471 ni à bá rí fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, òkè yẹn ì bá sì pòórá. Bí a bá sì fi ọjọ́ ikú yà á, ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí ènìyàn 127 kú, ni yóò ga jù, àtẹ náà yóò sì fẹ̀ ju bí àrùn ṣe rìn gan-an lọ.

Láti ibi tí ọ̀pá ti ga jù ni a ti ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí a bá ka ọjọ́ 2 sí 3, tó bọ́ sí àárín àkókò tí onígbáméjì fi ń lúgọ, sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọjọ́ 29 sí 30 oṣù Ògọ́sítì ni a ó bá. Ìwádìí tí Àlùfáà Henry Whitehead ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ọmọ ọwọ́ kan ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí àwọn ará Broad Street ti ń fa omi mu ti ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ 28, àti pé omi tí wọ́n fi fọ aṣọ rẹ̀ ń lọ sínú kòtò ìdọ̀tí tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí kànga náà. Ọjọ́ tí àtẹ tọ́ka sí àti ọjọ́ tí ìwádìí rí bára mu.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìrù òkè yẹn, nítorí pé ó gùn kọjá ọjọ́ 5. Èyí fi hàn pé omi náà kò mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ṣì ń mu ún. Ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi kànga náà, nígbà tí àrùn ti wálẹ̀ gan-an, tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò sì ti sá lọ. Snow fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àtẹ yín bá ń wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bu oògùn sí kànga, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kò ti máa wálẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àrùn tó ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn kì í ṣe òkè kan. Ẹ fi èéyi wé e: ọmọ kan tàbí méjì á kọ́kọ́ ṣàìsàn, àtẹ á dákẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n kó o ràn á jáde pa pọ̀, àtẹ á tún dákẹ́ díẹ̀, òkè mìíràn tí ó ga jù ú lọ á sì tẹ̀ lé e. Àlàfo láàárín òkè kan sí èkejì ni kí ẹ wọ̀n. Bí ó bá súnmọ́ àkókò tí àrùn náà fi ń lúgọ, ẹ ti rí ẹ̀rí tó lágbára. Bó bá di òkè kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn òkè náà á ti dà pọ̀ mọ́ra, ẹ kò sì ní rí àlàfo mọ́.

Ibì kan wà tí àwòrán yìí ti lè tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ẹ́bólà láti Làìbéríà wọ Èkó ní oṣù Júláì ọdún 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kó o lára rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ á ṣàìsàn ní àkókò tó súnmọ́ra, òkè wọn á sì jọ ti orísun kan, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni orísun náà. Ènìyàn 20 péré ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Iye tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè ya òkè tó ṣe é gbára lé. Títọpa ẹni tó fara kan ẹni tó ṣàìsàn ni ó fi ọ̀nà tí àrùn gbà hàn. Èmi kì í fi àtẹ nìkan dájọ́ bí aláìsàn kò bá tó 20.

Ní ti àdúgbò yín, ẹ fún àwọn tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ ṣàìsàn nínú ilé wọn ní àwọ̀ mìíràn lórí àtẹ. Bí àpótí aláwọ̀ bá wà níbi ìrù, tí àwọn tó kù sì para pọ̀ di òkè kan, orísun kan ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ará ilé sì ń kó o ran ara wọn lẹ́yìn náà. Bí àpótí aláìláwọ̀ bá ń yọ lójoojúmọ́, tí iye wọn kò lọ sókè tí kò sì wálẹ̀, orísun náà ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ padà lọ béèrè ibi tí oníkálukú ti ń pọn omi.