Líǹkì ìwé ẹ̀rí tí kò ṣí: ẹ wo bí a ṣe kọ àwọn lẹ́tà alámì

"Ẹ jọ̀ọ́, líǹkì ìwé ẹ̀rí tí mo fi sínú fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì kan nílé kò ṣí fún wọn. Mo rí %20 àti %E1 nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi nìyí. Àbúrò mi ló bá mi wá ìwé náà nílé, ó sọ fáìlì rẹ̀ ní "Ìwé Ẹ̀rí.pdf", ó gbé e sórí ayélujára, ó sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ibi àlàfo tó wà lẹ́yìn "Ìwé" ni líǹkì náà já sí, ìyókù di ọ̀rọ̀ lásán tí kò ṣeé tẹ̀. Ìyẹn ò dà mí láàmú, torí mo mọ̀ pé %20 la fi ń dípò àlàfo. Mo bá fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ fáìlì náà parí, mo fi %20 sáàárín, mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. N ò tiẹ̀ dán an wò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òṣìṣẹ́ wọn tó dáhùn: "Fáìlì yín kò sí níbẹ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Mo pe àbúrò mi, ó ní òun ń wo fáìlì náà báyìí. Èmi tẹ líǹkì tèmi, 404 ló gbé jáde, pé fáìlì ò sí. A jọ ń ka orúkọ kan náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ó kù díẹ̀ ká jà. Àsìkò fọ́ọ̀mù kọjá, mo tún owó san, mo sì tún fi líǹkì kan náà ránṣẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó sú mi ni mo ní kó ṣí fáìlì náà, kó da àdírẹ́sì tó wà lókè bíráósà rẹ̀ kọ sí mi. Tèmi ló wà lókè, tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀:

```
%C3%8Cw%C3%A9%20%E1%BA%B8%CC%80r%C3%AD.pdf
I%CC%80we%CC%81%20E%CC%A3%CC%80ri%CC%81.pdf
```

Lójú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bíráósà máa ń sọ lẹ́tà alámì di báìtì UTF-8, á sì kọ báìtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú % àti àmì méjì lẹ́yìn rẹ̀. Yuníkóòdù, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, sì gbà ká kọ lẹ́tà é lọ́nà méjì: kí lẹ́tà àti àmì ohùn lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn %C3%A9, tàbí kí e dúró fúnra rẹ̀ kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, ìyẹn e%CC%81. Bọ́tìnì tèmi lẹ̀ wọ́n pọ̀, kọ̀ǹpútà àbúrò mi yà wọ́n sọ́tọ̀. Sáfà tó gbé fáìlì náà sí kì í wo bí orúkọ ṣe rí lójú, báìtì ló ń fi wéra. Níwọ̀n bí báìtì ò ti bára mu, fáìlì ò sí nìyẹn.

Ẹ má kàn wá %CC kẹ́ ẹ sọ pé wọ́n ti ya àmì sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ wo Ẹ̀ nínú tèmi: %E1%BA%B8 ni Ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ %CC%80 ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí Yuníkóòdù ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ẹ̀. Ohun tí ẹ máa wá ni %CC%A3. Àmì ìsàlẹ̀ nìkan nìyẹn, tí ẹ bá ti rí i, ó ti kúrò lára lẹ́tà rẹ̀.

%E1 tí ẹ rí nínú tiyín ló ń fu mí lára. Bó bá jẹ́ ti ẹ, ọ tàbí ṣ, ó fi hàn pé àmì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà nínú líǹkì yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, nígbà tí ẹlòmíì gbé fáìlì sókè? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹni náà ṣí fáìlì, kó da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ látòkè bíráósà, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Èyí tó tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kó yí orúkọ fáìlì padà sí iwe-eri.pdf, láìsí àmì, láìsí àlàfo. Orúkọ yín nínú fọ́ọ̀mù lè ní gbogbo àmì tó yẹ ẹ́, ti fáìlì nìkan ni mò ń sọ. Kó má sì fi # sí i o, torí ohun tó bá wà lẹ́yìn # kì í kúrò nínú bíráósà dé ọ̀dọ̀ sáfà rárá, àfi tí a bá kọ ọ́ ní %23.

Tí wọ́n bá tún ní kò ṣí, ẹ ní kí wọ́n ka líǹkì tó wà níwájú wọn sí yín létí. Tí ẹ bá gbọ́ %2520, fọ́ọ̀mù wọn ló tún kóòdù kọ lórí kóòdù: ó sọ % inú %20 di %25. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí wọ́n gbà. Orúkọ tí kò ní % kankan nínú ni mo fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.