Èsì: owó àti ẹni tó sáìnì nínú fọ́ọ̀mù tírénìn

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kó fọ́ọ̀mù tírénìn 60 sínú ṣíìtì bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún?"

Ọ̀gá mi, orúkọ kọ́ọ̀sì àti ti àwọn tó ń kọ́ni ò le, owó gan-an ló ń dani láàmú. Ẹnì kan á kọ ₦150,000, ẹ máa rò pé ó parí, àṣé iye ẹnì kan ni, èèyàn mẹ́rin ló sì ń lọ, ₦600,000 nìyẹn, tí owó-orí ọjà 7.5% bá tún wọ̀ ọ́ ó di ₦645,000. Ẹ fi iye ẹnì kan sí B, iye èèyàn sí C, 7.5% sí D:

```
=B2*C2*(1+D2)
```

Ti ẹni tó fọwọ́ sí i, súpáfáísọ̀ kàn dábàá ni o, ẹni tó sáìnì kẹ́yìn lẹ máa kọ. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ kọ "kò tíì", ẹ má kà á mọ́ owó tó ti dájú.