Àwòrán Sólà Orí Òrùlé Tí Oníbàárà Yóò Gbà Gbọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sólà ni mò ń tà níhìn-ín nílùú Ìbàdàn, àwa náà la sì ń gbé e sórí òrùlé fáwọn oníbàárà. Ohun tí mo fẹ́ polówó báyìí ni pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà oníwáàtì 550, inífátà oní-kílówáàtì 5 àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan. Ayàwòrán tó ń bá mi ṣe fíláyà gbé ilé aláràbarà kan wá: òrùlé táìlì pupa tó dà gẹ̀rẹ̀, ihò èéfín lókè rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù méjìlá, àti àwọn ìgò gbọọrọ kan tí táńkì kékeré wà lórí wọn. Oníbàárà kan wò ó, ó ní, "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ yín." Kí ló rí níbẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè rí àwòrán tó bá ọjà mi mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ó dára tí oníbàárà yẹn sọ̀rọ̀ síta, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń rí irú rẹ̀ tí wọn kò ní sọ nǹkan kan, tí wọn á kàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò èéfín ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìlú òtútù ló ń ní i. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni àṣìṣe tó kéré jù níbẹ̀, nítorí ayàwòrán lè pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kò ṣeé pa rẹ́ ni bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe dúró.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 51 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Níbẹ̀, oòrùn kì í gòkè dé àtàrí, ní ìgbà òtútù sì rèé, ìsàlẹ̀ sánmọ̀ ló máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Ìdí nìyẹn tí pánẹ́ẹ̀lì wọn fi ń dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 30 sí 40, kó lè kọjú sí oòrùn tó wà nísàlẹ̀. Ìbàdàn ò ju dígírì 7 àti díẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà lórí wa gan-an lọ́sàn-án, débi pé ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òjìji. Nítorí náà, pánẹ́ẹ̀lì tiwa kò nílò ju ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 10 sí 15 lọ, kó sì kọjú sí gúúsù bí òrùlé bá gbà bẹ́ẹ̀. A kì í tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, torí òjò gbọ́dọ̀ lè ṣàn kọjá lórí rẹ̀ kó fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Lóòótọ́, àwọn ilé tuntun kan ní òrùlé gíga, pánẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀ lé ìdagẹ̀rẹ̀ òrùlé náà. Ìyẹn kò burú nínú àwòrán, bó bá ti jẹ́ pé irú òrùlé tó wà ládùúgbò yín ni.

Ní ti àwọn ìgò gbọọrọ àti táńkì orí wọn, ẹ yọ wọ́n kúrò lónìí yìí. Ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbé omi kaná nìyẹn. Kò ń mú iná mànàmáná kankan wá, kò sì sí lára ohun tí ẹ ń tà. Bí oníbàárà bá sanwó tán tó wá bèèrè pé omi gbígbóná tó wà nínú fíláyà dà, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹnu tí ẹ fi máa ṣàlàyé. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 sì lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà.

Iye pánẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ ìlérí. Mẹ́fà lọ́nà wáàtì 550 jẹ́ wáàtì 3,300. Méjìlá irú rẹ̀ jẹ́ 6,600. Àwòrán yín ń ṣèlérí ìlọ́po méjì ohun tí ẹ máa gbé wá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ka ọ̀rọ̀ inú fíláyà, àmọ́ gbogbo wọn ló ń wo àwòrán.

Ẹ tún wo bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó. Èyí tó jẹ́ wáàtì 550 sábà máa ń gùn tó mítà 2.28, ó fẹ̀ ní mítà 1.13, ó sì wúwo tó kílò 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gùn ju ilẹ̀kùn ilé lọ, nítorí ilẹ̀kùn kì í sábà ju mítà 2.1 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ àwòrán ni, ẹ fi gígùn rẹ̀ wé ilẹ̀kùn tàbí èèyàn tó dúró nítòsí. Bó bá kéré sí fèrèsé, irọ́ ni. Tí ẹ bá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ẹsẹ̀ kan ní òòró, wọ́n á gba nǹkan bíi mítà méje. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fífẹ̀ yàrá méjì oní-ẹsẹ̀ bàtà 12, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ rí lórí òrùlé inú àwòrán.

Ojú pánẹ́ẹ̀lì náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ń tà báyìí dúdú, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ sì ní ẹyọ 144 lójú, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń sọ oòrùn di iná: mẹ́fà ní ìbú, 24 ní òòró, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó là á sí méjì láàárín. Aláwọ̀ búlúù tó ń dán bí yìnyín fífọ́ jẹ́ irú ti àtijọ́, ẹyọ 60 tàbí 72 ló sì sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fi búlúù polówó, tí ẹ wá gbé dúdú wá, oníbàárà á ní ẹ ti pààrọ̀ ọjà, bẹ́ẹ̀ èyí tí ẹ gbé wá gan-an ló dáa jù. Ẹ fi ìka ka àwọn ẹyọ náà. Tí ti pánẹ́ẹ̀lì kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀, tàbí tí ìlà rẹ̀ gba orí férémù kọjá, wọ́n kàn yà á sórí òrùlé ni.

Ibi tí àwọn ayàwòrán ti ń ṣìnà jù, lójú tèmi, ni bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe di òrùlé mú. Nínú fíláyà, ó máa ń dà bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fi bọ́ọ̀tì de bírákẹ́ẹ̀tì mọ́ orí gegele páànù, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà, kí bọ́ọ̀tì náà wọnú igi òrùlé nísàlẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀ kí ilé má baà jò. Irin àlúmínọ́ọ̀mù gbọọrọ méjì ló ń tẹ̀ lé e, orí irin yẹn la ń gbé pánẹ́ẹ̀lì sí, kílámpù á wá dì í mú. Nínú àwòrán gidi, ẹ máa rí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà méjì láàárín pánẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì níbi tí kílámpù wà, ẹ ó sì rí orí irin tó yọ díẹ̀ ní ìpẹ̀kun. Lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ooru ń dín agbára pánẹ́ẹ̀lì kù: bó bá gbóná dé dígírì 65, ó lè pàdánù tó ìdá 14 nínú 100 lára ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo yẹn ló ń fa òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ etí pánẹ́ẹ̀lì. Tí òjìji yẹn ò bá sí, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ̀ kó tó wo nǹkan mìíràn.

Òjìji táńkì omi, ti igi àti ti pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà. Ẹ má sì lo àwòrán tí òjìji táńkì tàbí igi máńgòrò bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì, àní bó bá jẹ́ òótọ́. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí a so pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé máa ń fà ara wọn sẹ́yìn bí òjìji bá bo ọ̀kan, oníbàárà tó mọ̀ á sì rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fi ilé yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì lọ ya iṣẹ́ ọwọ́ ara yín. Ẹ yan oníbàárà kan tó ní irú ẹrù tí ẹ ń polówó gan-an, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ fọ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé òjò lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá dára, torí ojú ọ̀run á ti mọ́; nígbà ọyẹ́, eruku á sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Ẹ yà á ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, gíláàsì rẹ̀ lè máa tan ojú ọ̀run padà sínú kámẹ́rà, pánẹ́ẹ̀lì dúdú á wá dà bíi funfun. Ibi tó dára jù láti dúró sí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò. Bí ẹ bá wà nílẹ̀, ẹ jìnnà sẹ́yìn kí ẹ sì fa àwòrán náà súnmọ́. Fóònù tó súnmọ́ ilé jù máa ń tẹ òrùlé. Ẹ má gun páànù tó tutù nítorí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà ládùúgbò wà níbẹ̀: táńkì omi lórí irin rẹ̀, òpó iná, páànù tó ti dípẹtà nílé kejì. Àwọn ni oníbàárà á fi mọ̀ pé Ìbàdàn ni. Inífátà àti bátìrì kò gbọ́dọ̀ hàn lórí òrùlé rárá, torí ara ògiri nínú ilé ni wọ́n ń wà. Ẹ ya àwòrán kejì fún wọn, kí àpótí tí wọ́n fi ń pa iná mànàmáná hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ayàwòrán lè tún àwòrán yẹn ṣe kó tọ́, kó sì mọ́lẹ̀ sí i. Kó má fi pánẹ́ẹ̀lì kún un. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pa nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ́, torí àwọn olè tó ń jí pánẹ́ẹ̀lì náà ń wo fíláyà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ: "Iṣẹ́ wa nílùú Ìbàdàn: pánẹ́ẹ̀lì 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550." Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi han ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gun òrùlé, ẹ ní kó ka pánẹ́ẹ̀lì àti kílámpù inú rẹ̀.