Àbẹ́là, súpọ́ọ̀tì àti rẹsísítáǹsì: ohun tí àtẹ iye ọjà lè sọ àti ibi tó pin sí

*Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ àwọn àbẹ́là pupa àti aláwọ̀ ewé tí àwọn tó ń ṣòwò owó ilẹ̀ òkèèrè máa ń wò lórí fóònù? Wọ́n ní tí iye bá ti já dé súpọ́ọ̀tì, yóò padà sókè. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń méfò?*

Àkọsílẹ̀ ni àbẹ́là. Ẹyọ kan ń sọ ohun mẹ́rin nípa sáà kan, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí odindi ọjọ́: iye tí ọjà fi ṣí, iye tó ga jù, iye tó wálẹ̀ jù, àti iye tí ọjà fi pa. Ká ní ìpín ilé-iṣẹ́ kan ṣí ní ₦48 láàárọ̀, ó já dé ₦44, ó gòkè dé ₦51, ó sì parí sí ₦50. Ara àbẹ́là náà, ìyẹn ibi tó sanra, yóò wà láàárín 48 àti 50. Òwú tín-ín-rín kan yóò yọ lórí rẹ̀ dé 51, òmíràn yóò yọ nísàlẹ̀ dé 44. Nítorí pé ó parí sókè ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ, aláwọ̀ ewé ni yóò jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ní Jàpáànù, pupa ni wọ́n fi ń ṣàmì ìgòkè, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ yín ń lò.

Jàpáànù náà ni àtẹ yìí ti wá. Ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ọjà ìrẹsì Dójímà ní ìlú Ọ̀sákà lọ́dún 1730, oníṣòwò ìrẹsì kan láti Sákátà, Munehisa Homma, sì di olókìkí nídìí òwò náà. Wọ́n máa ń sọ pé òun ló dá àbẹ́là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ó jọ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àbẹ́là tí a mọ̀ lónìí tó gbilẹ̀. Ìwé tí Steve Nison, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1991 ló tàn án ká àwọn orílẹ̀-èdè yòókù.

Títí dé ibi yìí, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Ìtumọ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo òwú gígùn tó já dé ₦44 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùyẹ̀wò àtẹ yóò ní àwọn tó ń tà ló ti iye wálẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà dìde, wọ́n sì gbé e padà sókè. Bí irú rẹ̀ bá wáyé lẹ́yìn tí iye ti ń já fún ìgbà díẹ̀, wọ́n a pe àbẹ́là náà ní òòlù, wọ́n a sì ní kí a múra láti rà. Bí iye bá padà dé ₦44 lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò kọjá rẹ̀, wọ́n a fa ìlà síbẹ̀, wọ́n a pè é ní súpọ́ọ̀tì. Ìlà tí iye ń dé lókè tí kò lè ré kọjá ni rẹsísítáǹsì.

Lórí àbẹ́là nìkan, ọ̀rọ̀ àwọn alátakò wọ̀ mí létí. Lọ́dún 2006, Ben Marshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Niu Sílándì gbé ìwádìí jáde lórí ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà tó wà nínú àkójọ Dáù Jónsì, láti 1992 dé 2002. Wọ́n ń rà, wọ́n sì ń tà lórí àtẹ bí òfin àbẹ́là ṣe wí gan-an, wọ́n wá fi èrè rẹ̀ wé èrè inú iye tí a dà rú mọ́ra lọ́nà àìròtẹ́lẹ̀. Wọn kò rí àǹfààní kankan. Àwọn tó gbà á gbọ́ fèsì pé kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò lo àbẹ́là nìkan láìwo súpọ́ọ̀tì, ìrìn ọjà àti iye ìpín tí wọ́n tà. Èsì náà bọ́ sí i, àmọ́ ó ní ìṣòro kan: bí ojú olùyẹ̀wò bá jẹ́ òṣùwọ̀n, a ò ní lè mọ ìgbà tí òfin náà kùnà. Àwa ènìyàn sì máa ń rí àwòrán níbi tí kò sí. Lọ́dún 1959, Harry Roberts ní Ṣikágò fi nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ya àtẹ tó jọ ti ọjà ìpín gan-an.

Súpọ́ọ̀tì àti rẹsísítáǹsì yàtọ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Nígbà tí Carol Osler wà ní ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó gba àwọn ìlà tí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ń gbé jáde láràárọ̀ fún àwọn oníbàárà wọn, láti oṣù kìíní 1996 dé oṣù kẹta 1998, lórí owó Jámánì, ti Jàpáànù àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi wọ́n wé àwọn ìlà tí kọ̀ǹpútà kàn fà sórí àtẹ láìnídìí. Ìfiwéra yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ìlà tí a fà lásán pàápàá máa ń jọ pé ó dá iye padà. Àbájáde rẹ̀, tó gbé jáde lọ́dún 2000, ni pé iye ń yípadà níbi ìlà àwọn olùyẹ̀wò ju níbi ìlà àìnídìí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tí ilé-iṣẹ́ ní ó lágbára kò dára ju àwọn yòókù, èyí tí ilé-iṣẹ́ méjì bá sì fẹnu kò lé lórí kò ṣe dáadáa jù. Pé iye yípadà kò túmọ̀ sí pé owó èrè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá san owó ìdúnàádúrà.

Ìdí wo ló mú un ṣiṣẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀? Nínú iṣẹ́ mìíràn tó jáde lọ́dún 2003, Osler yẹ àṣẹ tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀ ní báńkì ńlá kan wò. Àṣẹ “bí ó bá dé ibí, ẹ gba èrè mi” ń kóra jọ sórí nọ́ńbà gbáko. Àṣẹ “bí ó bá já kọjá ibí, ẹ yọ mí kúrò kí àdánù má pọ̀”, èyí tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì, ń kóra jọ díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ ń dá iye dúró; bí iye bá já wọ inú àwọn ti ìkejì, títà ń bí títà, ìjábọ̀ a sì yára. Àwọn ènìyàn tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú owó ni súpọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá lọ, ìlà tó kù lórí àtẹ kò lè gba nǹkan kan dúró.

Apẹẹrẹ tó hàn jù ni ti Swítsàlandì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2011, báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ kéde pé òun kò ní jẹ́ kí yúrò kan já sísàlẹ̀ fráǹkì 1.20, àti pé òun yóò ra owó ilẹ̀ òkèèrè láìní òdiwọ̀n. Súpọ́ọ̀tì tí gbogbo ayé mọ ẹni tó ń gbé e ró nìyẹn, iye sì dúró lórí rẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn oníṣòwò ń rà díẹ̀ sókè rẹ̀, wọ́n ń fi sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì sí díẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2015, Jean-Pierre Danthine, igbákejì ààrẹ báńkì náà, ṣì ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìlànà 1.20 ni òpómúléró ètò owó wọn. Ní ọjọ́ 15, báńkì kan náà fagi lé e láìròtẹ́lẹ̀, yúrò sì já sísàlẹ̀ fráǹkì kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí àbẹ́là kankan tó lè fi ìpinnu yẹn hàn, nítorí inú yàrá ìpàdé ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan ra 100,000 yúrò ní 1.2015, ó sì fi sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì sí 1.1980. Ó rò pé bó ti wù kó burú tó, fráǹkì 350 ni òun yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn kàn ní kí wọ́n tà ní iye tí wọ́n bá bá lọ́jà ni, kò sì sí ẹni tó ń rà ní 1.1980. Bó bá jẹ́ 1.00 ni wọ́n ti rí olùrà, 20,150 ni àdánù rẹ̀. Bí 5,000 péré ló wà nínú àpò rẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà, ó ti di onígbèsè 15,150. Àìlèsan irú gbèsè báyìí ló ti ilé-iṣẹ́ alágbàtà Alpari ti Lọ́ńdọ̀nù pa lọ́jọ́ kejì, òun náà ló sì mú kí alágbàtà FXCM ti Amẹ́ríkà yá 300 mílíọ̀nù dọ́là kó má bàa wó.