Ẹ fi oṣù kẹsàn-án wé oṣù kẹsàn-án

"Ẹ̀yin àgbà nínú òwò, àdìrẹ ni mò ń ṣe tí mo sì ń tà ní Òṣogbo. Ní oṣù kẹjọ mo gba ọ́dà 60, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, 25 péré ni mo rí. Ẹnì kan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa òwò sọ pé ọjà mi ń kú lọ, pé kí n já owó aṣọ wálẹ̀ kíákíá. Ìwé ọ́dà ọdún mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi. Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Ẹ kú ọjà o, ajé á wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì já owó aṣọ kankan wálẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ kọ yìí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ọjà yín ń kú tàbí ó ń gbèrú, nítorí pé oṣù méjì tí kò jọra rárá ni ẹni yẹn fi wé ara wọn. Oṣù kẹjọ ni Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ́ sí ní ìlú wa. Àwọn ọmọ Òṣogbo tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ń bọ̀ wálé, àwọn àlejò ń wọ̀lú, àwọn ẹgbẹ́ sì ń dá aṣọ kan náà, gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọdún bá ti parí, kálukú a padà síbi tó ti wá, oṣù kẹsàn-án a sì bá àwọn òbí níbi tí wọ́n ti ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Kò sí bí oṣù kẹsàn-án kò ṣe ní kéré sí oṣù kẹjọ. Oṣù kẹsàn-án èṣí ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì tún wo ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

Ó ká mi lára láti sọ èyí nítorí pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an ní ọdún 2022. Mo gba ọ́dà 52 ní oṣù kẹjọ ọdún náà, 23 ní oṣù kẹsàn-án, 19 ní oṣù kẹwàá. Mo jẹ ilé ayánilówó kan ní gbèsè nígbà náà, wọ́n sì rán ọ̀gá kan wá láti yẹ ìwé mi wò. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tó fi jókòó. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́ta náà sórí ìwé, ó fa ìlà láti orí 52 sọ̀ kalẹ̀ sí 19, ó sì sọ fún mi pé bí ìlà náà bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí ọdún tó parí n kò ní rí oníbàárà kan ṣoṣo mọ́. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Kò béèrè ohun tó ń mú kí ènìyàn ra àdìrẹ ní Òṣogbo ní oṣù kẹjọ. Ó ní kí n yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò lára owó aṣọ, kí n dá méjì nínú àwọn mẹ́ta tó ń bá mi pa aṣọ láró sílẹ̀, kí n sì ta aṣọ funfun tí mo kó pamọ́ kí n lè san lára gbèsè náà. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọ́dà 45 ló wọlé ní oṣù náà, 61 sì wọlé ní oṣù kejìlá, ìgbéyàwó àti ọdún Kérésìmesì ló kó wọn wá. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kù nídìí ìkòkò aró. Aṣọ funfun tí mo tà ní ẹ̀dínwó, mo tún padà lọ rà á ní owó tó ga ju iye tí mo tà á lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo dá sílẹ̀ ti lọ ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní Ìbàdàn, kò sì padà mọ́. Nínú ọ́dà 61 ti oṣù kejìlá, 28 ni mo lè ṣe. Mo dá owó àsansílẹ̀ padà fún àwọn yòókù, àwọn kan nínú wọn kò sì tún yà lọ́dọ̀ mi títí di òní. Àwọn tó ti rà ní owó kékeré kọ̀ láti san iye ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó fa ìlà kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba gbèsè kò yé wá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni mo tó ṣí ìwé ọ́dà ọdún 2021, èyí tó ti wà nínú àpótí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni 48, oṣù kẹsàn-án sì ni 21. Oṣù kọkànlá jẹ́ 41, oṣù kejìlá 55. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ti 2022: 48 di 52, 21 di 23, 41 di 45, 55 di 61. Oṣù kọ̀ọ̀kan lọ sókè pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 8 sí 11 nínú 100 ju ti èṣí rẹ̀ lọ. Ọjà tí wọ́n ní ó ń kú ń dàgbà ní gbogbo àkókò tí mò ń tú u palẹ̀ fúnra mi. Nínú ọdún méjèèjì pàápàá, oṣù kẹsàn-án kò tó ìdajì oṣù kẹjọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà.

Kíkà wọn kò ṣòro. Ẹ kọ ọdún sí òkè, oṣù sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ka ọ́dà sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé yín bá wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ọjọ́ ọ́dà sì wà ní òpó A, èyí ni yóò ka oṣù kẹsàn-án ọdún 2024:

```
=COUNTIFS(A:A,">="&DATE(2024,9,1),A:A,"<"&DATE(2024,10,1))
```

Bí ó bá fún yín ní òdo nígbà tí ẹ mọ̀ dájú pé ọ́dà wà, ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ lásán ni ó kà á sí. Ẹ máa dá a mọ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ máa ń fara ti ọwọ́ òsì inú àpótí rẹ̀, ọjọ́ sì máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, àyàfi bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ yí i padà.

Ẹ ka ọ́dà sí oṣù tí oníbàárà béèrè, kì í ṣe oṣù tí ẹ gbé aṣọ fún un, kí ẹ sì ka èyí tí ẹ kọ̀ pẹ̀lú. Ká ní iye tí mo ṣe nìkan ni mo kọ sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022, 28 ni ìwé ì bá máa sọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 mo ṣe 60. Bí mo bá fi 60 wé 28, ó dà bí ẹni pé ọjà mi ti ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́dà 61 ló kan ilẹ̀kùn mi ní èṣí rẹ̀. Fífi oṣù wé oṣù kan náà kò ní ràn yín lọ́wọ́ bí èṣí fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí a kò sì rí owó gbà ní báńkì. Ọ́dà mi ní oṣù kejì ọdún 2022 jẹ́ 20, ó já sí 9 ní 2023, ó sì padà di 18 ní 2024. Ẹni tó bá fi 2024 wé 2023 yóò sọ pé ọjà ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá fò 2023 kọjá, tó fi í wé 2022, yóò rí i pé ó ṣì dín ní ìdá 10 nínú 100, èyí sì ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ lo ìwé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ má dúró sórí èṣí nìkan.

Iléyá ló tún kó mi sí ìyọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè. Ọdún Ọ̀ṣun máa ń dúró sí oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí lọ́dọọdún. Ní 2022 ó bọ́ sí ọjọ́ 9 oṣù keje, ní 2023 ó jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ní 2024 ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ní 2025 ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè aṣọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú. Ní oṣù keje ọdún 2022 mo rí ọ́dà 17, ní oṣù keje 2023 mo rí 9, àyà mi sì tún já. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ti gòkè láti 30 sí 42. Bí a bá pa oṣù méjèèjì pọ̀, 47 ti di 51. Ọ́dà náà kò sọnù, ó kàn bọ́ sí oṣù kẹfà ni. Fún Iléyá àti Ìtúnú Ààwẹ̀, ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn, kí ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ ní ọdún yìí wé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ ní èṣí. Ọdún Àjíǹde náà máa ń yí láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ẹ kíyè sí i.

Ẹ má ṣe fi náírà ṣe ìwọ̀n yìí. Láti àárín ọdún 2023 ni gbogbo nǹkan ti ń wọ́n sí i, owó tó wọlé lè pọ̀ nígbà tí aṣọ tó jáde dín kù. Iye ọ́dà àti iye ọ̀pá aṣọ ni kí ẹ kà, kí ẹ sì ka méjèèjì, nítorí pé ọ́dà ẹgbẹ́ kan lè jẹ́ 200 ọ̀pá nígbà tí ti ẹnì kan jẹ́ 5.

Nísinsìnyí, ẹ wo 25 yín. Bí oṣù kẹsàn-án èṣí bá jẹ́ 22 tàbí 23, ọjà yín ń lọ dáadáa, ẹni tó ní ó ń kú kò wo ibi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ 38, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, ìyẹn sì yẹ kó kọ yín lóminú. Síbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó aṣọ, ẹ wo orúkọ àwọn tó béèrè ní oṣù kẹsàn-án èṣí tí wọn kò wá lọ́dún yìí, kí ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ní ayẹyẹ ní èṣí ni, tí wọn kò sì ní òmíràn. Bí ẹ bá ti ka oṣù kẹsàn-án ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye ọ̀pá aṣọ wọn, màá bá yín wò wọ́n.