Èsì: Òdòdó pupa tó ní ọ̀pá gígùn láàárín

“Ẹ jọ̀ọ́, kí la fi ń mọ ẹbí, ìran àti ẹ̀yà òdòdó inú fọ́tò mi yìí?”

Ẹ wo ọ̀pá tó yọ jáde láàárín rẹ̀ dáadáa. Àwọn fọ́nrán tó ń gbé àtíkè òdòdó ló lẹ̀ mọ́ra di ọ̀pá yẹn, tí apá tó jẹ́ abo nínú òdòdó náà sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé ẹbí Malvaceae ni nìyẹn.

Fún ìran, ẹ ka ẹ̀ka kéékèèké tó wà ní ṣóńṣó ọ̀pá náà: márùn-ún ni, orí wọn sì rí roboto. Hibiscus ni. Mẹ́wàá ni ti Malvaviscus tó jọ ọ́, òdòdó tiẹ̀ kì í sì í là tán.

Ẹ̀yà ló le jù. Ewé òdòdó yín kò ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì ká sẹ́yìn bíi ti Hibiscus schizopetalus, torí náà Hibiscus rosa-sinensis ni mo máa pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbìn sọ́gbà ló jẹ́ àdàlù ẹ̀yà, fọ́tò nìkan ò sì lè yanjú ìyẹn.