Ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀: "má" ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n gbé ìwé ìlò jẹnẹrétọ̀ fún mi kí n tú u sí Yorùbá fún ọjà Nàìjíríà. Ti Faransé tí wọ́n fẹ́ máa tà ní Bẹ̀nẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kí ni kí n ṣọ́ jù nínú ìkìlọ̀ àti gáráńtì?"

"Má" ni. Fáwẹ́lì kan péré ló wà láàárín "Má tan án nínú ilé" àti "Máa tan án nínú ilé", ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọ méjèèjì ní "ma". Bí àmì ohùn bá wá já dànù nílé ìtẹ̀wé, ìkìlọ̀ di àṣẹ nìyẹn. Ó sì máa ń já, torí pé ẹ́ àti ọ́ ò ní kóòdù tiwọn nínú Yúníkóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí ò bá mọ̀ ọ́n á gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Wọ́n ti tẹ irú ẹ̀ wá fún mi rí. Látìgbà náà, "Ẹ kò gbọdọ̀ tan án nínú ilé" ni mo ń kọ. Bí gbogbo àmì tiẹ̀ lọ, "ko gbodo" ṣì yé èèyàn. Kí wọ́n fi ojú ìwé tí wọ́n tò tán ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ o.

Ẹ má fi "éèfín" nìkan júwe ohun tó ń pani. Éèfín là ń fojú rí, a sì ń gbóòórùn rẹ̀; kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì kò ṣeé rí, kò sì lóòórùn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn "kódà bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá ṣí sílẹ̀" kò gbọdọ̀ fò, torí ohun tí ẹni tó gbé jẹnẹ sí kọ́rídọ̀ ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ ńlá tó wà lórí ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n ANSI Z535.6 ti Amẹ́ríkà, ti àkọ́kọ́ ni ohun tí yóò pani tàbí ṣeni léṣe gidi. Èkejì, ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìpalára tí kò tó ìyẹn. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ nìkan ló máa bàjẹ́. EWU, ÌKÌLỌ̀, ÌṢỌ́RA, ÀKÍYÈSÍ ni mo máa ń lò. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí "ìkìlọ̀" má baà gbé ipò mẹ́ta.

Ní ti gáráńtì, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ilẹ̀ Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ti Faransé yẹn fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ọdún méjì tí òfin Yúróòpù fún oníbàárà níbẹ̀, òfin yẹn ò sì dé Kùtọnú. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti èkejì: ní Bùràsíìlì, bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ 90 ni òfin fúnra rẹ̀ fún ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ kàn ń kún un ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe tú ojú ìwé kan fún gbogbo ọjà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ti Nàìjíríà lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi iye ọdún inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá rí "ọdún 1 tàbí wákàtí 500", ẹ rí i pé "èyí tó bá kọ́kọ́ pé" tẹ̀ lé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, èyí tó gùn jù ni oníbàárà máa dì mú.